Ìwé Mú Ìdáhùn, Ó Fi Ìbéèrè Sílẹ̀: Àgbéyẹ̀wò Ìwé Ìtumọ̀ Àlá àti Ìtumọ̀ Tó Ti Ọ̀dọ̀ Alálàá Wá

Ìwé ìtumọ̀ àlá ni ìwé tí a ti to àwọn ohun tí ènìyàn lè rí lójú oorun tẹ̀lé ara wọn, tí a sì kọ ìtumọ̀ kan tàbí méjì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sínú ìwé atúmọ̀ èdè: ejò ni ọ̀tá, ìgbẹ́ ni owó, eyín tó yọ ni ikú ará ilé, oúnjẹ ojú àlá ni májèlé, ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ ni ìfàsẹ́yìn. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ṣòro rí ní Alimosho. Ní Gowon Estate, àdúgbò tí a fi orúkọ Ọ̀gágun Yakubu Gowon, olórí ìjọba Nàìjíríà láti 1966 sí 1975, sọ, àlá kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré: ẹni tó bá fi àyà jíjá jí lè gbé àlá rẹ̀ tọ wòlíì, áfáà tàbí babaláwo lọ, ó sì lè ra ìwé pẹlẹbẹ kan lọ́wọ́ ẹni tó ń pàtẹ ìwé lẹ́bàá ọ̀nà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ìwé náà ló rọrùn jù, nítorí pé kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tó rà á.

Ibi tó ti rọrùn yìí gan-an ni àbùkù rẹ̀ wà. Kì í ṣe pé àlá kò lè ní ìtumọ̀, kì í sì í ṣe pé àwọn àgbà tí orúkọ wọn máa ń wà lẹ́yìn irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò mọ iṣẹ́ wọn. Ohun tí àgbéyẹ̀wò yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìdáhùn tí àwọn àgbà náà ń fún ènìyàn máa ń wá lẹ́yìn ìbéèrè tí wọ́n bá ti bi alálàá, ìyẹn ẹni tó lá àlá. Nígbà tí ọ̀rọ̀ di títẹ̀ sínú ìwé, ìdáhùn ló wọ inú ìwé, ìbéèrè sì ṣubú sẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ ka àmì inú àlá dáadáa ní láti padà lọ gbé ìbéèrè náà.

Ohun tí àwọn àgbà atúmọ̀ kọ́kọ́ ń béèrè

Artemidorus, ọmọ Gíríìkì tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Kristi ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tọ́kì lónìí, kọ ìwé márùn-ún lórí ìtumọ̀ àlá, inú àwọn ìwé náà sì ni ọ̀pọ̀ ohun tí à ń kà nínú ìwé ìtumọ̀ títí di òní ti ṣẹ̀. Bí a bá wo ohun tó sọ nípa eyín, ó kọ́kọ́ jọ ìwé pẹlẹbẹ ẹ̀bá ọ̀nà: ẹnu dà bí ilé, eyín sì dà bí àwọn tó ń gbé inú ilé náà, débi pé eyín òkè jẹ́ àwọn tó ṣe pàtàkì jù, eyín apá ọ̀tún jẹ́ ọkùnrin, eyín apá òsì jẹ́ obìnrin. Ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Ó fi kún un pé bí ajigbèsè bá lá irú àlá bẹ́ẹ̀, eyín tó yọ túmọ̀ sí gbèsè tí yóò san. Nítorí náà ni ó ṣe pàṣẹ pé kí atúmọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹni tó lá àlá, iṣẹ́ tó ń ṣe, bí ó ti lówó tó, ọjọ́ orí rẹ̀, ìlera rẹ̀, àti àṣà ìlú tó ti wá, kí ó tó la ẹnu rẹ̀. Àlá kan náà, tó bá ti ẹnu ènìyàn méjì jáde, àlá méjì ni lójú Artemidorus.

Láàrin àwọn Mùsùlùmí, orúkọ tó gbajúmọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ àlá ni ti Ibn Sirin, onímọ̀ ará Basra tó kú ní 728. Àwọn onímọ̀ gbà pé àwọn ìwé ìtumọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ jẹ́ àkójọ tí àwọn mìíràn ṣe lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ jù nípa rẹ̀ sì tako irú ìwé bẹ́ẹ̀ pátápátá. Wọ́n ní ọkùnrin méjì wá sọ fún un pé àwọn lá àlá pé àwọn ń pe ìrun. Ó sọ fún ọ̀kan pé yóò lọ sí Haji, ó sì sọ fún èkejì pé a óò gé ọwọ́ rẹ̀ nítorí olè jíjà. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ìdí, ó ní ìwà àti ìrísí àwọn méjèèjì ni òun wò, ẹsẹ Kùránì kan sì wá sí òun lọ́kàn fún ẹni àkọ́kọ́, èyí tó ń pe àwọn ènìyàn sí Haji, nígbà tí ẹsẹ mìíràn wá fún ẹnì kejì, èyí tí olùpè kan ti ń ké pé olè ni àwọn arìnrìn-àjò. Kò sí ojú ewé kan tó lè gba ìtumọ̀ méjèèjì yìí lábẹ́ "pípe ìrun" láìjẹ́ pé ẹnìkan wà níbẹ̀ tó lè wo ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Nílẹ̀ Yorùbá, ìlànà Ifá fi ohun kan náà hàn láti ọ̀nà mìíràn. William Bascom, tó ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1930, tó sì gbé ìwé ńlá rẹ̀ lórí Ifá jáde ní 1969, ṣàlàyé pé ẹni tó wá dáfá lè má sọ ìṣòro rẹ̀ fún babaláwo; ohun ìfidáfá ni yóò sọ ọ́ sí ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn tí odù bá ti hàn, babaláwo yóò máa ki àwọn ẹsẹ rẹ̀, ẹni tó wá sì ni yóò mọ èyí tó bá ọ̀ràn òun mu. Bí ìmọ̀ babaláwo ti pọ̀ tó, ó kù síbì kan tí ẹlòmíràn kò lè dé: ẹni tí ọ̀ràn kàn ló mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bá òun.

Ibi tí ìwé ti ń ṣini lọ́nà

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni pé ìwé ń yọ orúkọ nǹkan kúrò nínú ìtàn. Àlá jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀: ẹnìkan wà níbìkan, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí i, ara rẹ̀ sì gbà á lọ́nà kan. Nígbà tí a bá ṣí ìwé sí ibi "ejò", kò béèrè bóyá ejò náà ń lé ènìyàn, bóyá ó sùn sórí òrùlé, bóyá alálàá ló ń bọ́ ọ. Kò sì béèrè ibi tí alálàá ti wá. Ní Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ilé òòṣà kan wà tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ejò erè, tí a kò gbọ́dọ̀ pa wọ́n, tí wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún wọn. Ọmọ ilé òòṣà náà àti onílé kan ní Alimosho tí ejò wọ yàrá rẹ̀ láti inú kòtò lẹ́yìn òjò lè rí ejò kan náà lójú oorun, ṣùgbọ́n ohun tó bá ejò náà wọ inú àlá wọn kò lè jọra láé.

Àṣìṣe kejì wà nínú èdè. Ọ̀pọ̀ àmì inú àlá ń dúró lórí ìró ọ̀rọ̀ tàbí àkànlò èdè, èyí kò sì ṣeé kó láti èdè kan sí òmíràn. Artemidorus sọ ìtàn Alẹkisáńdà Ńlá, tó dó ti ìlú Tyre ní 332 ṣáájú ìbí Kristi, tó sì lá àlá pé òun rí iwin onírun kan, tí àwọn Gíríìkì ń pè ní "satyros", tó ń jó lórí apata òun. Atúmọ̀ rẹ̀ gé ọ̀rọ̀ náà sí méjì, "sa Tyros", èyí tó túmọ̀ sí pé "tìrẹ ni Tyre". Ìtumọ̀ yìí kò lè wà ní èdè mìíràn. Bákan náà, Yorùbá tó bá lá àlá pé ọkọ̀ òun bàjẹ́ lójú ọ̀nà ní láti bi ara rẹ̀ bóyá ọkọ̀ náà nìkan ni ọkàn rẹ̀ ń sọ, tàbí ọkọ tó wà nílé náà wà nínú ọ̀rọ̀, nítorí ohùn nìkan ló ya méjèèjì nípa. Ìwé ìtumọ̀ olókìkí kan bíi ti Gustavus Hindman Miller, oníṣòwò ará Amẹ́ríkà tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1901, kò lè mọ èyí, ẹni tó bá sì dà á kọ sí Yorùbá yóò kàn kó èdè àti ìgbé ayé ará Amẹ́ríkà ìgbà náà lé orí ẹni tó ń gbé ní Ìpájà.

Ọ̀rọ̀ ìṣe "jẹ" ló fi èyí hàn kedere jù. Ìwé ìtumọ̀ tó wọ́pọ̀ ládùúgbò sọ pé jíjẹun lójú àlá jẹ́ gbígba májèlé. Ṣùgbọ́n nínú èdè Yorùbá, ènìyàn ń jẹ gbèsè, ó ń jẹ èrè, ó ń jẹ ìyà, ó ń jẹ oyè, ó ń jẹ ayé, ó sì ń jẹ owó ìjọba. Ọkàn tó ń fi èdè yìí ronú lójú mọ́mọ́ kò sọ ọ́ nù nígbà tí oorun bá gbé e lọ. Nítorí náà, abọ́ oúnjẹ kan lójú àlá lè jẹ́ èyíkéyìí nínú nǹkan mẹ́fà yìí, ó sì lè jẹ́ ebi lásán tí alálàá gbé sùn.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń jẹ́rìí pé ohun tí ìwé sọ ṣẹ? Ìdáhùn kan ti wà láti 1948, nígbà tí Bertram Forer, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ 39 ní àpèjúwe ìwà tí ó ní òun kọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni ó fún gbogbo wọn. Nígbà tí ó ní kí wọ́n fi máàkì tí kò ju 5 lọ sọ bí ó ti bá wọn mu tó, ìpíndọ́gba máàkì tí wọ́n fún un ju 4 lọ. Ọ̀rọ̀ tó gbòòrò tó lè wọ gbogbo ènìyàn bí agbádá. Nígbà tí ìwé bá sọ pé ejò jẹ́ ọ̀tá, tí kò sọ ọ̀tá wo tàbí ìgbà wo, kò sí ẹni tí kò ní bá ẹnìkan ní gbólóhùn asọ̀ láàrin oṣù mẹ́ta, ọjọ́ tí asọ̀ náà bá sì ṣẹlẹ̀ ni àlá yóò padà sí ìrántí. Àwọn àlá ejò tí ohunkóhun kò tẹ̀lé kò ní ẹlẹ́rìí, nítorí pé a ti gbàgbé wọn.

Àṣìṣe tó kẹ́yìn ni pé ìwé kì í fi àyè sílẹ̀ fún ara. Ní 2018, Rozen àti Soffer-Dudek, àwọn olùwádìí ní Ísírẹ́lì, gbé ìwádìí jáde lórí àlá pé eyín ń yọ. Ohun tí wọ́n rí ni pé àlá náà bá ìnira eyín àti èrìgì tí ènìyàn ń mọ̀ lára nígbà tó bá jí rìn, kò sì bá ìdààmú ọkàn rìn. Ẹni tó ń wa eyín pọ̀ lójú oorun lè máa ṣọ̀fọ̀ ẹni tí kò kú, nígbà tó jẹ́ pé dókítà eyín ló yẹ kí ó lọ rí.

Bí a ṣe ń béèrè lọ́wọ́ alálàá

Ohun tí a ń pè ní ìsopọ̀ ọkàn nínú àgbéyẹ̀wò yìí ni ohunkóhun tí àwòrán kan nínú àlá bá mú wá sí ìrántí alálàá: ènìyàn, ibi, ìṣẹ̀lẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu, ìmọ̀lára. Sigmund Freud, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìtumọ̀ àlá tó jáde ní ìparí 1899 pẹ̀lú ọdún 1900 lára rẹ̀, yin Artemidorus nítorí pé ó wo ẹni tó lá àlá, ṣùgbọ́n ó sọ pé ọ̀nà tòun yàtọ̀ ní ohun kan: ó gbé iṣẹ́ ìtumọ̀ náà fún alálàá fúnra rẹ̀, kì í ṣe fún ohun tó bá wá sí ọkàn atúmọ̀. Òun náà ló tọ́ka sí ẹ̀ṣẹ́kù ọjọ́, ìyẹn ohun kan tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú àlá, tí àlá máa ń fi ṣe ohun èlò. Ó yẹ kí a fi kún un pé nínú àwọn àtẹ̀jáde ìwé náà tó tẹ̀lé e, Freud gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ abala tó wà fún àwọn àmì tí ìtumọ̀ wọn kì í yí padà, èyí tó fi hàn bí ó ti rọrùn tó fún ẹni tó mọ ọ̀nà pàápàá láti padà sídìí ìwé ìtumọ̀.

Carl Jung ṣàtúnṣe kan tó wúlò púpọ̀ sí ọ̀nà yìí. Ó kíyè sí i pé bí a bá jẹ́ kí alálàá máa ti orí ìrántí kan bọ́ sí òmíràn láìdúró, yóò dé ibi ìṣòro ọkàn rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò ti fi àlá náà sílẹ̀ sẹ́yìn. Ó sàn kí ó máa padà sórí àwòrán náà lẹ́yìn ìrántí kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè rẹ̀ ni kí alálàá ṣàpèjúwe nǹkan náà àti ìtàn rẹ̀ bí ẹni tó ń sọ ọ́ fún ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tí a bá bi ènìyàn pé "Kí ni ìtumọ̀ ejò?", ohun tó gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn ni yóò sọ, nígbà tí a bá ní "Ṣàpèjúwe ejò yẹn fún ọmọ tí kò rí ejò rí", ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni yóò jáde.

Ẹ̀rí pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ òfo wà nínú ìwádìí àwọn tó ka àlá bí ẹní ka owó. Calvin Hall àti Robert Van de Castle, nínú ìwé wọn tó jáde ní 1966, to àlá 1,000 tí wọ́n gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ 200 sí ìsọ̀rí, kí a lè mọ iye ènìyàn, ìjà, oúnjẹ àti ibi tó wà nínú wọn. Látinú irú iṣẹ́ yìí ni ó ti hàn pé ohun tó ń jẹ ènìyàn lọ́kàn lójú mọ́mọ́ ni ó ń tẹ̀ síwájú nínú àlá rẹ̀. Ní ọdún kan náà, Robert LeVine tẹ ìwé jáde lórí àlá àwọn ọmọkùnrin ilé ẹ̀kọ́ girama ní Nàìjíríà, Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá, ó sì rí i pé bí ìfẹ́ láti ṣe àṣeyọrí ti ń hàn nínú àlá wọn yàtọ̀ láti ẹ̀yà dé ẹ̀yà, ìyàtọ̀ tó so mọ́ bí ọ̀nà ipò gíga ti rí láwùjọ kọ̀ọ̀kan. Ìgbé ayé ni àlá ń tẹ̀ lé.

Àlá aránṣọ kan

A lè fi àpẹẹrẹ kan, tí a ṣe fún àlàyé nìkan, wo bí iṣẹ́ náà ti ń lọ. Kí a sọ pé aránṣọ kan ní Gowon Estate, ìyá ọmọ tó ti lé ní ogójì ọdún, lá àlá pé òun wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òun sì jókòó ní kíláàsì tí òun ti kàwé ní kékeré. Ìyá rẹ̀, tó ti kú, wọlé, ó sì gbé abọ́ ìrẹsì kan kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Aṣọ léèsì tí a kò tíì rán ni a fi bo abọ́ náà dípò ọmọrí. Ó jẹ ìrẹsì náà, ó dùn, ṣùgbọ́n ojú ń tì í, nítorí àwọn ọmọ kíláàsì yòókù ń wò ó, kò sì sí oúnjẹ níwájú wọn. Pẹ̀lú ìtìjú yìí ni ó jí, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù wá bà á.

Bí ó bá ṣí ìwé, yóò rí ohun mẹ́ta: ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ ni ìfàsẹ́yìn, òkú tó fúnni lóúnjẹ ni ẹbí tó ń pa ènìyàn, oúnjẹ ni májèlé. Bí a bá ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹnìkan láti ìdílé ìyá rẹ̀ ló ń fà á sẹ́yìn, ohun tó sì kù ni kí ó mọ ẹni náà, kí ó má sì jẹun nílé rẹ̀ mọ́. Aṣọ léèsì kò sí nínú ìwé, ìtìjú kò sí níbẹ̀, adùn ìrẹsì kò sí níbẹ̀. A ti jù wọ́n nù.

Ọ̀nà ìsopọ̀ ọkàn bẹ̀rẹ̀ kí ó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Yóò kọ àlá náà sílẹ̀ bí ó bá ti jí, ní èdè tí ó fi ń sọ̀rọ̀ nílé, láìfi nǹkan kan kún un, nítorí àlá ń yára sá kúrò ní ìrántí, àròsọ tó bọ́gbọ́n mu sì máa ń gba àyè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú. Ní ọjọ́ náà, oníbàárà kan wá gba léèsì tó fẹ́ wọ̀ lọ sí òde ọjọ́ Sátidé, ó san díẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé òun yóò san ìyókù lẹ́yìn òde. Òun ni ẹni kẹta nínú oṣù náà. Ní alẹ́, aránṣọ yìí ka owó tó wà nílé, ó sì rí i pé owó ìdánwò ọmọ rẹ̀ obìnrin kò pé.

Nígbà náà ni yóò mú àwòrán kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì ṣàpèjúwe rẹ̀. Kíláàsì náà ni ibi tí wọ́n ti máa ń pe orúkọ àwọn tí kò tíì san owó ilé ẹ̀kọ́, tí wọ́n á sì ní kí wọ́n dìde dúró. Ìyá rẹ̀ ta ìrẹsì lẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́ kan náà. Gbogbo ènìyàn ló ń ra àwìn lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì lè sin ẹnikẹ́ni lówó, nítorí ó gbà pé ẹni tó ń béèrè owó lọ́wọ́ ẹni tí kò ní kò láàánú. Léèsì ni aṣọ oníbàárà. Ohun tó ń ṣe lójú àlá ni pé ó ń bo oúnjẹ mọ́lẹ̀. Ìbéèrè tó kù ni ti ìmọ̀lára: ibo ni irú ìtìjú yìí ti ń bá a lójú mọ́mọ́? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé nígbàkigbà tí ó bá fẹ́ béèrè owó iṣẹ́ rẹ̀, ó ń ṣe é bí ẹni tó ń jẹun níbi tí ebi ti ń pa àwọn mìíràn.

Ọ̀rọ̀ ti so pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n jẹ ẹ́ ní gbèsè, òun sì fẹ́ jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀. Ìrẹsì náà dùn nítorí ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, ojú sì ń tì í nítorí ohun tó kọ́ lára ìyá rẹ̀ nípa àwìn. Ìyá kò gbé májèlé wá. Ó gbé oúnjẹ àti àṣà pọ̀ sínú abọ́ kan.

A kò gbọ́dọ̀ gba ìtumọ̀ kan nítorí pé ó dùn gbọ́, a ní láti dán an wò. Ìdánwò àkọ́kọ́ ni bóyá ó gba ohun tó ṣàjèjì jù nínú àlá wọlé, ìyẹn léèsì tó di ọmọrí. Ìtumọ̀ yìí gbà á, ti ìwé kò gbà á. Ìdánwò kejì ni bóyá ìtumọ̀ mìíràn lè rọ́pò rẹ̀: a lè sọ pé àárò ìyá ló ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sí àárò kankan nínú àlá náà, kò sunkún, kò sì fẹ́ kí ìyá rẹ̀ dúró, nítorí náà ìtumọ̀ yẹn kò lágbára tó ti àkọ́kọ́. Ìdánwò kẹta ni àwọn àlá mìíràn tó ti kọ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ó ti lá àlá pé kọ̀ńdọ́kítọ̀ dánfó kan kò fún òun ní ṣéńjì, tí òun sì sọ̀kalẹ̀ ní Egbeda láìsọ̀rọ̀, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà ló ń padà wá ní aṣọ mìíràn. Ìtumọ̀ náà kò sọ pé àwọn oníbàárà yóò san owó. Kò mọ ọjọ́ iwájú. Ohun tó mọ ni ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀ báyìí.

Ibi tí ọ̀nà yìí náà mọ

Ìṣòro kan wà tí ẹni tó bá ń lo ọ̀nà yìí ní Èkó gbọ́dọ̀ mọ̀: ìwé ìtumọ̀ ti wọ inú ìsopọ̀ ọkàn àwọn ènìyàn. Ẹni tó ti gbọ́ láti kékeré pé oúnjẹ ojú àlá jẹ́ májèlé yóò rántí májèlé ní kété tí a bá bi í nípa oúnjẹ, ìrántí náà sì jẹ́ tirẹ̀ ní tòótọ́. Ohun tí a lè fi yà wọ́n sọ́tọ̀ ni àkókò tí ìmọ̀lára dé. Nínú àpẹẹrẹ aránṣọ yìí, adùn àti ìtìjú wà nínú àlá fúnra rẹ̀, ìbẹ̀rù sì dé lẹ́yìn tó jí. Ìmọ̀lára inú àlá jẹ́ ti àlá. Èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti ẹ̀kọ́ tí a ti kọ́ nípa àlá. Bí ìbẹ̀rù bá wà nínú àlá náà gan-an, bí ó bá jẹ́ pé ó ń jẹ ìrẹsì náà pẹ̀lú ìfura, a jẹ́ pé májèlé wà nínú ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́, a ó sì ní láti béèrè ẹni tí kò gbẹ́kẹ̀ lé ní ìgbé ayé rẹ̀.

Ìṣòro kejì wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń béèrè. Níbi tí ọmọdé kì í ti já àgbà ní koro, alálàá lè gba ohunkóhun tí àgbà bá sọ, kí ó sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, sà, tàbí bẹ́ẹ̀ ni, mà. Gbígbà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Nígbà tí ìtumọ̀ bá bá ọ̀rọ̀ mu, alálàá sábà máa ń mú ohun tuntun wá fúnra rẹ̀, ó lè rántí apá kan àlá tó ti gbàgbé tàbí kí ó sọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò bi í. Nígbà tí ó bá jẹ́ ọ̀wọ̀ lásán, kò ní fi ohunkóhun kún un. Nítorí náà, kí olùbéèrè béèrè, kí ó má ṣe dárúkọ ìdáhùn.

Ìṣòro kẹta ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóru ni àmì. Aina àti Famuyiwa, nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2007, ṣàlàyé ohun tí àwọn Yorùbá ń pè ní ogun òru, ìdààmú tó ń dé bá ènìyàn lójú oorun, wọ́n sì fi hàn bí ìgbàgbọ́ yìí ti kan àwọn àìsàn tí oníṣègùn mọ̀. Ẹni tó ń jí lóru tí kò lè gbé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀, ẹni tó ń lu aya rẹ̀ tàbí tó ń fò kúrò lórí ibùsùn nígbà tí ó ń lá àlá, ẹni tí ìjàǹbá ọkọ̀ kan náà ń padà sí ojú oorun rẹ̀ bí ó ti ṣẹlẹ̀ gan-an, kò nílò kí a bi í ohun tí ọkọ̀ túmọ̀ sí. Ilé ìwòsàn ló yẹ kí ó gbà lọ. Àlákálàá tó ń tún ara rẹ̀ ṣe ní ìtọ́jú tirẹ̀.

Yorùbá ní àlá kì í ba ni lẹ́rù ká má lè rọ́ ọ. Òwe náà fi rírọ́ àlá sí àárín ọ̀rọ̀, ó sì fi alálàá sí ipò ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Aránṣọ tó ṣí ìwé sí ibi "oúnjẹ" kò rọ́ àlá fún ẹnikẹ́ni, kò tilẹ̀ rọ́ ọ fún ara rẹ̀; ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó mú lọ sídìí ìwé, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó sì mú bọ̀, léèsì náà sì wà lórí abọ́ níbi tí ó fi í sí.